Owó ọwọ́ àti owó Mómò: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ìwé owó àti owó orí fún àwọn olóúnjẹ Àjàṣẹ́, Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́

Àwọn tó ń ta àtàsì, àkàsà, àkàrà, ìrẹsì tàbí iṣu gígún la kọ èyí fún. Àwọn oníbàárà wọn kan ń san owó sí ọwọ́, àwọn mìíràn ń fi í ránṣẹ́ sórí fóònù. Ibi tí owó méjèèjì ti ń pàdé ni wàhálà ti máa ń bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ibẹ̀ la ti dúró pẹ́ jù.

Irú owó orí wo ni olóúnjẹ kékeré ń san, kí ni wọ́n sì ń wò kí wọ́n tó ṣírò rẹ̀?

TPS ni orúkọ rẹ̀ lórí ìwé ìjọba. Ìwé òfin owó orí ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2022 sọ pé ẹni tí àpapọ̀ ọjà tó tà lọ́dún kò bá ju mílíọ̀nù 50 fáráǹkì lọ ni ó wà fún. Fáráǹkì 5 ni ó ń mú nínú ọgọ́rùn-ún ọjà tí ẹ tà, kò sì gbọ́dọ̀ kéré sí 10,000 lọ́dún.

Ẹ kíyè sí i pé orí ọjà tí ẹ tà ni wọ́n ti ń ṣírò rẹ̀, kì í ṣe orí èrè. Bí epo bá wọ́n, bí ìkòkò ìrẹsì kan bá jóná, bí ẹ kò bá tiẹ̀ jèrè kankan lóṣù yẹn, TPS kò wo ìyẹn. Ìdí nìyí tí nọ́mbà kan fi ṣe pàtàkì ju gbogbo nọ́mbà yòókù lọ nínú ìwé yín: iye ọjà tí ẹ tà lójoojúmọ́. Bí ẹ bá kọ ọ́ kéré, irọ́ lẹ ń pa fún ìjọba, ẹ ó sì jìyà rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá yẹ ìwé wò. Bí ẹ bá sì kọ ọ́ pọ̀ jù, ẹ ń fi owó tí kì í ṣe gbèsè yín sílẹ̀, kò sì sẹ́ni tí yóò wá dá a padà fún yín. Èkejì yìí wọ́pọ̀ ju bí àwọn ènìyàn ṣe rò lọ, Mómò ló sì ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ṣé gbogbo owó tó wọ Mómò mi ni ọjà tí mo tà?

Rárá o. Oríṣi owó mẹ́rin ló máa ń wọ inú fóònù olóúnjẹ. Àkọ́kọ́ ni owó tí oníbàárà fi sanwó oúnjẹ. Ìyẹn nìkan ni ọjà. Èkejì ni owó ọwọ́ yín fúnra yín tí ẹ gbé lọ bá oníkíóóṣì kó bá yín fi sínú fóònù. Ẹ ti ka owó yẹn mọ́ ọjà nígbà tí oníbàárà fi lé yín lọ́wọ́. Bí ẹ bá tún kà á nígbà tó wọ fóònù, ẹ̀ẹ̀mejì lẹ kà á. Ẹ̀kẹta ni owó ẹbí: ẹ̀gbọ́n fi owó oògùn ìyá ránṣẹ́, ọkọ fi owó ilé ìwé ránṣẹ́. Ẹ̀kẹrin ni owó àjọ tàbí owó yíyá.

Fóònù kò mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Nínú ìwé tí Mómò ń tẹ̀ jáde, gbogbo wọn wà ní ẹsẹ̀ kan náà, «owó wọlé». Bí ẹ bá wá gbé ìwé yẹn kalẹ̀ lópin ọdún láìní àkọsílẹ̀ mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, báwo lẹ ó ṣe sọ pé 10,000 ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ní oṣù kẹta kì í ṣe ọjà? Alẹ́ ọjọ́ tó wọlé gan-an ló rọrùn láti kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ kan péré tó: «ọjà», «èmi», «ẹbí», «àjọ».

Irú kàyé wo ni kí n rà, báwo ni kí n sì ṣe fa ìlà sí i?

Kàyé líle kan tí ojú ewé rẹ̀ kì í já tó. Ẹ kọ nọ́mbà sí igun ojú ewé kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kó lè hàn pé wọn ò yọ ewé kankan. Ẹ fa ìlà kí ó fún yín ní ààyè mẹ́fà: ọjọ́, ohun tó ṣẹlẹ̀, owó ọwọ́ tó wọlé, owó ọwọ́ tó jáde, Mómò tó wọlé, Mómò tó jáde. Báárọ̀ ni ẹ ó fi kọ ọ́, kì í ṣe lẹ́ẹ̀dì. Bí ẹ bá ṣì nọ́mbà kọ, ẹ fa ìlà kan ṣoṣo la á kọjá kí èyí tẹ́lẹ̀ ṣì ṣeé kà, kí ẹ kọ èyí tó tọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ibi tí wọ́n bá fi funfun pa rẹ́ ló máa ń mú kí ayẹ̀wéwò fura sí gbogbo ojú ewé.

Ìlànà ìṣirò tí àwọn orílẹ̀-èdè OHADA, ìyẹn àwọn tó jọ ń lo òfin òwò kan náà, ń lò gba ọlọ́jà kékeré láyè láti kọ owó tó wọlé àti owó tó jáde bẹ́ẹ̀, láìṣe ìwé ńlá tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń ṣe. Kàyé yín kì í ṣe ìwé ẹ̀yìn ilé, bí ẹ bá ti ń kọ ọ́ lójoojúmọ́.

Mi ò lè máa kọ àwo àtàsì kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ nígbà tí èrò bá pọ̀. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ iye ọjà tí wọ́n fi owó ọwọ́ rà?

Ẹ kò nílò láti kọ àwo kọ̀ọ̀kan. Ẹ ó ti ẹ̀yìn wá a: ẹ ó ka ohun tó kù nínú àpótí lálẹ́, ẹ ó da gbogbo ohun tó ti jáde níbẹ̀ padà, ẹ ó sì yọ ohun tó wà níbẹ̀ kí ọjà tó bẹ̀rẹ̀ kúrò. Bó ṣe rí nìyí:

```
Ọjà owó ọwọ́ = owó tí a kà lálẹ́
             + ohun tí a rà látinú àpótí
             + owó tí a mú lọ sílé
             + owó ọwọ́ tí a fi sínú Mómò
             - owó wẹ́wẹ́ òwúrọ̀
             - owó mìíràn tí a fi kún àpótí
```

Ẹ jẹ́ ká mú ọjọ́ kan ṣe àpẹẹrẹ. Ìyá kan ń ta àtàsì pẹ̀lú ẹja lẹ́bàá ọjà Wàńdó. Ní òwúrọ̀ Ìṣẹ́gun, ó fi 8,000 owó wẹ́wẹ́ sínú àpótí kó lè rí owó fún àwọn tó bá mú 5,000 àti 10,000 wá. Láàárín ọjọ́, ó mú owó nínú àpótí ra èédú 2,500, tòmátì àti àlùbọ́sà 4,600, ó fún ọmọ tó ń bá a fọ àwo ní 2,000, ó sì san 600 fún ọlọ́kadà tó gbé ẹrù wá. Gbogbo ìyẹn jẹ́ 9,700. Ní ọ̀sán ó fi 3,000 ránṣẹ́ sílé. Nígbà tí owó pọ̀ jù nínú àpótí, ó gbé 10,000 lọ sọ́dọ̀ oníkíóóṣì kó bá a fi sínú Mómò. Lálẹ́, ó ka ohun tó kù: 24,350.

Ọjà owó ọwọ́ rẹ̀ ni 24,350, àti 9,700, àti 3,000, àti 10,000, tí a bá yọ 8,000 kúrò: 39,050.

Ẹ wo ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ bó bá jẹ́ pé ohun tó wà nínú àpótí nìkan ló wò. Ì bá yọ 8,000 kúrò nínú 24,350, ì bá sì kọ 16,350. Ọjà 22,700 ì bá sọnù nínú ìwé ní ọjọ́ kan ṣoṣo, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni jí nǹkan kan. Bí ọ̀pọ̀ ìwé ṣe ń bàjẹ́ nìyẹn: wọ́n ra tòmátì látinú àpótí, wọn ò kọ ọ́, ọjà sì dà bí ẹni pé ó kéré.

Nítorí náà, ẹ fi páálí kékeré kan àti báárọ̀ sínú àpótí. Kí owó kankan má jáde níbẹ̀, àní 100 fáráǹkì pàápàá, láìjẹ́ pé a kọ ọ́ sórí páálí náà kí ọwọ́ tó kúrò lórí owó.

Ti Mómò ńkọ́? Báwo la ṣe ń pa á mọ́ tirẹ̀?

Ti Mómò rọrùn jù, nítorí fóònù fúnra rẹ̀ ń ka owó rẹ̀. Ẹ kọ iye tó wà níbẹ̀ kí ọjà tó bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ iye tó wà níbẹ̀ lẹ́yìn ọjà, kí ẹ sì to ohun tó wà láàárín méjèèjì.

Ìyá kan náà bá 22,400 nínú Mómò rẹ̀ láàárọ̀. Àwọn oníbàárà fi 12,400 ránṣẹ́ lápapọ̀. 10,000 tó gbé lọ sí kíóóṣì wọlé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi 10,000 ránṣẹ́ láti Kùtọnú fún àwọn ọmọ. Ó fi Mómò san 17,000 fún àpò ìrẹsì, wọ́n sì yọ 100 owó iṣẹ́. Ó yẹ kó bá 37,700 lálẹ́. Ó wo fóònù, 37,700 ló bá. Ó ti dọ́gba.

Ọjà Mómò rẹ̀ ni 12,400, kì í ṣe 32,400 tó wọlé. Àpapọ̀ ọjà rẹ̀ lọ́jọ́ náà, 39,050 àti 12,400, jẹ́ 51,450. Ìyẹn ni nọ́mbà tó ń lọ sínú ìwé owó orí.

Bó bá ka 20,000 yòókù mọ́ ọjà, yóò san 1,000 lé ní TPS lórí ọjọ́ yẹn. Ó lè dà bí ohun kékeré. Bí irú rẹ̀ bá ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, láàárín ọdún ó di 2,080,000 ọjà tí kò sí, àti 104,000 fáráǹkì owó orí tí kò jẹ.

Ẹ má gbàgbé 100 owó iṣẹ́ yẹn. Ìnáwó ni, ẹ kọ ọ́ sí ìlà tirẹ̀. Bí ẹ bá ń fò ó, Mómò yín kò ní dọ́gba láéláé, ẹ ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi «díẹ̀ ló ṣẹ́kù» parí ìwé. Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń fi àṣìṣe ńlá pamọ́.

Mómò mi kò dọ́gba pẹ̀lú ìwé. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá a?

Iye tó yàtọ̀ máa ń sọ ibi tí àṣìṣe wà. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá iye kan náà gan-an wà lára àwọn ìsanwó ọjọ́ yẹn: bí ó bá jẹ́ 1,500 ló yàtọ̀, tí ẹnì kan sì san 1,500, ẹ ti gbàgbé láti kọ ọ́ tàbí ẹ kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Bí ẹ kò bá rí i, ẹ pín iye náà sí méjì. Ká ní ìyàtọ̀ jẹ́ 34,000. Ìdajì rẹ̀ ni 17,000, owó ìrẹsì. Ẹ ti kọ owó tó jáde sí ààyè owó tó wọlé.

Bí ìyẹn kò bá bá a mu, ẹ wò ó bóyá iye náà ṣeé fi 9 pín láìṣẹ́kù. Bí 12,400 bá di 14,200 nínú ìwé, ìyàtọ̀ rẹ̀ ni 1,800, 9 sì wọ inú rẹ̀ ní ọ̀nà 200 gééré. Nígbàkígbà tí nọ́mbà méjì bá pààrọ̀ ipò báyìí, ìyàtọ̀ náà yóò gba 9. Kì í ṣe ẹ̀rí pé ìyẹn ló fà á, ṣùgbọ́n ó sọ fún yín pé kí ẹ wá nọ́mbà tí ẹ yí padà kí ẹ tó fura sí ẹnikẹ́ni.

Ohun tó kù ni àkókò. Ẹni tó fi owó ránṣẹ́ ní aago mẹ́wàá alẹ́, lẹ́yìn tí ẹ ti ti ìwé pa, owó rẹ̀ jẹ́ ti ọjọ́ kejì nínú ìwé yín. Ẹ yan wákàtí kan tí ẹ ó máa ti ìwé pa, kí ẹ má yí i padà.

Ṣé bí ìwé bá ti dọ́gba, ó ti dájú pé kò sí ẹni tó mú owó nínú àpótí?

Kò dájú fún owó ọwọ́, ó sì yẹ kí gbogbo ẹni tó ń lo ọ̀nà yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ti Mómò ní ẹlẹ́rìí, ìyẹn fóònù. Àpótí kò ní ẹlẹ́rìí. Nítorí pé a ti ẹ̀yìn ṣírò ọjà owó ọwọ́, bí ẹnì kan bá mú 5,000, ìwé kò ní sọ pé owó kù. Yóò kàn sọ pé ọjà ọjọ́ yẹn kéré.

Ohun tó ń tú u síta ni kí ẹ máa ka ohun kan tó ṣeé kà. Fún ẹni tó ń ta ẹja, ẹja ló rọrùn jù. Ìyá tí a ń sọ yìí gbé ègé ẹja 60 jáde láàárọ̀. Lálẹ́ 9 ló kù, 2 ni wọ́n sì jẹ nínú ilé. Ó ta 49, ní 300 fáráǹkì lọ́kọ̀ọ̀kan: 14,700. Nínú ọjà 51,450, owó ẹja jẹ́ nǹkan bí 29 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ó bá kọ ọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, yóò rí i pé ìpín ẹja kì í yí padà púpọ̀, nítorí báyìí làwọn ènìyàn ṣe ń jẹun. Lọ́jọ́ tó bá wá ta ègé 50, tí àpapọ̀ ọjà sì jẹ́ 38,000 péré, ìpín ẹja ti gòkè dé nǹkan bí 39. Ọjọ́ yẹn ló yẹ kó béèrè ọ̀rọ̀. Ó lè jẹ́ pé ìrẹsì tán kíákíá tí èrò ń ra ẹja nìkan. Ó sì lè jẹ́ pé owó jáde láìkọ sórí páálí.

Ẹni tí kò ta ẹja lè ka ẹyin, wàgáṣì, tàbí ike tí wọ́n ń fi oúnjẹ sí fún àwọn tó ń gbé e lọ.

Ẹni tó ń jẹun nínú ìkòkò, àwọn ọmọ àti ọkọ, ṣé kí n kọ ọ́?

Bẹ́ẹ̀ ni, iye àwo nìkan. Owó kankan kò wọlé, nítorí náà kò wọ ààyè owó. Ṣùgbọ́n bí ẹ kò bá kọ ọ́, kíkà ẹja yóò máa tàn yín jẹ, ẹ ó sì rò pé èrè kò sí nínú ọjà nígbà tó jẹ́ pé ilé ló jẹ ẹ́.

Ṣé ó yẹ kí n ní nọ́mbà Mómò tí ó jẹ́ ti ọjà nìkan?

Ó yẹ gan-an, bí ẹ bá lè ṣe é. Bí nọ́mbà ọjà bá yàtọ̀ sí ti ilé, owó ẹ̀gbọ́n yóò lọ sí ti ilé, èyí tí ẹ ó máa yẹ̀ wò lálẹ́ yóò sì dín kù. MoMoPay, tí a ṣe fún ọlọ́jà, tún dára jù bẹ́ẹ̀ lọ nítorí oníbàárà ń san sí kóòdù yín dípò nọ́mbà fóònù, ìsanwó rẹ̀ sì dá dúró.

Àmọ́ nọ́mbà ọ̀tọ̀ kò yanjú ọ̀rọ̀ 10,000 tí ẹ fúnra yín gbé lọ sí kíóóṣì. Ìyẹn yóò ṣì wọ nọ́mbà ọjà, ẹ sì gbọ́dọ̀ kọ «èmi» sí i.

Ohun kan tí kò dára rárá ni kí oníbàárà máa fi owó ránṣẹ́ sí nọ́mbà ọmọ iṣẹ́ nígbà tí fóònù yín bá kú. Bó bá ṣẹlẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀, kí ọmọ náà fi gbogbo iye náà ránṣẹ́ sí nọ́mbà ọjà lọ́jọ́ kan náà, kí ẹ sì kọ ọ́ pé ọjà ni.

Oníbàárà fi àtẹ̀jíṣẹ́ hàn mí lórí fóònù rẹ̀ pé òun ti sanwó. Ṣé kí n gbà?

Ẹ wo fóònù tiyín. Ẹnikẹ́ni lè kọ àtẹ̀jíṣẹ́ tó jọ ti Mómò, tàbí kó fi ti àná hàn yín. Kódà àtẹ̀jíṣẹ́ tó dé sórí fóònù yín lè jẹ́ ayédèrú bó bá wá láti nọ́mbà ènìyàn lásán. Iye tó wà nínú Mómò nìkan ni kò ṣeé ṣe ayédèrú. Nígbà tí èrò bá pọ̀, kí ẹnì kan ṣoṣo máa di fóònù mú, kí ó máa pe iye tó wọlé.

Àwọn kan ń jẹ àwìn, wọ́n á san lópin oṣù. Ọjọ́ wo ni mo fi ń kọ ọ́?

Ẹ ní ojú ewé àwìn lẹ́yìn kàyé, orúkọ kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀. Lọ́jọ́ tó jẹun, ibẹ̀ nìkan lẹ kọ ọ́ sí. Lọ́jọ́ tó sanwó, owó rẹ̀ wọ ìwé ọjọ́ yẹn gẹ́gẹ́ bí ọjà, ẹ sì pa á rẹ́ lójú ewé àwìn. Ẹni tó bá kọ ọ́ sí ọjà lọ́jọ́ méjèèjì ti kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá, ẹ ro gbogbo àwìn tó kù pọ̀, kí ẹ kọ ọ́ sí ojú ewé ìparí ọdún, bẹ́ẹ̀ náà ni gbèsè tí ẹ̀yin jẹ àwọn oníresì àti ẹlẹ́ja.

Ní Kétu, àwọn kan ń fi náírà sanwó.

Ẹ kọ iye náírà náà àti iye fáráǹkì tí ẹ fi gbà á. Bí onípàṣípààrọ̀ bá fún yín ní iye tó yàtọ̀ lẹ́yìn náà, ìyàtọ̀ yẹn kì í ṣe ọjà. Ìlà ọ̀tọ̀ ni.

TPS kò wo ìnáwó mi. Kí ló wá dé tí mo fi ń kọ ìnáwó?

Ìdí àkọ́kọ́ ti hàn lókè: bí ẹ kò bá mọ ohun tó jáde nínú àpótí, ẹ kò lè mọ ọjà tí ẹ tà. Èkejì ni iye tí ẹ ń ta àwo kan. Ká ní àwo 500 fáráǹkì ń ná yín ní 420 tí a bá ka ìrẹsì, ẹ̀wà, epo, èédú àti owó ọmọ iṣẹ́. Ẹ rò pé 80 ni èrè. TPS yóò mú 25 nínú 500 yẹn, 55 ló kù fún yín. Bí èédú àti epo bá wọ́n tí àwo náà fi ń ná yín ní 480, 20 ló kù kí TPS tó mú 25. Ẹ ń fi 5 fáráǹkì san fún ẹni tó ń jẹun yín. Ẹni tí kò kọ ìnáwó kò ní mọ̀, nítorí àpótí yóò ṣì máa kún lójoojúmọ́.

Alátòmátì kì í fún mi ní fákítúrù. Kí ni mo fẹ́ fi ṣe ẹ̀rí?

Ẹ kọ ọ́ fúnra yín lọ́jọ́ kan náà: ọjọ́, ohun tí ẹ rà, iye apẹ̀rẹ̀ tàbí kílò, iye owó, orúkọ ẹni tó tà á àti ọjà tó wà. Ẹ kó wọn sínú àpòòwé oṣù kọ̀ọ̀kan. Fún ohun ńlá bí àpò ìrẹsì, gáàsì tàbí fìríìjì, ẹ béèrè fákítúrù tó bófin mu, èyí tí wọ́n ń pè ní «facture normalisée». Ẹ ó mọ̀ ọ́n nítorí nọ́mbà IFU ẹni tó tà á, kóòdù MECeF/DGI àti àwòrán QR tó ṣeé fi fóònù yẹ̀ wò wà lórí rẹ̀. Ìwé tí wọ́n kàn fi òǹtẹ̀ lù kì í ṣe é.

Ẹ̀yin náà yóò nílò irú fákítúrù bẹ́ẹ̀ bí ilé ìwé tàbí ilé-iṣẹ́ kan bá gba oúnjẹ ọ̀sán lọ́dọ̀ yín. IFU, nọ́mbà 13 tí ọ́fíìsì owó orí fún yín, lẹ ó fi ṣe é. Ẹ má fi TVA kún owó oníbàárà. Ẹni tó ń san TPS kì í gba TVA.

Kí ni kí n ṣe lópin oṣù, kí sì ni ọjọ́ tí mo gbọ́dọ̀ rántí?

Lópin oṣù, ẹ ro ọjà owó ọwọ́ pọ̀, ẹ ro ọjà Mómò pọ̀, kí ẹ kọ méjèèjì àti àpapọ̀ wọn sí ojú ewé kan tí oṣù 12 yóò bá ara wọn pàdé. Ẹ gba ìwé ìsanwó oṣù náà láti inú Mómò, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde tàbí kí ẹ fi pamọ́ sí ibi tí kì í ṣe fóònù yẹn nìkan. Bí fóònù bá sọnù, gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ bá a lọ.

Ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ni ọjọ́ ìkẹyìn láti sọ iye ọjà ọdún tó kọjá fún ọ́fíìsì owó orí. Ká ní oṣù 12 náà jẹ́ 13,400,000. TPS rẹ̀ ni 670,000. Ó ṣòro láti rí iye yẹn lẹ́ẹ̀kan náà lọ́wọ́ olóúnjẹ. Nítorí náà, ẹ máa yọ ọ́ lálẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan: nínú 51,450, nǹkan bí 2,600. Ẹ fi í síbi tí ẹ kò ti ń ra tòmátì, kí ẹ kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí owó tí ẹ gbé kúrò, kì í ṣe ìnáwó, nítorí ẹ kò tíì san án.

Bí ọjà mi bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dé mílíọ̀nù 50 ńkọ́?

Bí ìwé oṣù kẹsàn-án bá ti fi hàn pé ẹ ti kọjá mílíọ̀nù 36, ẹ ti ń sún mọ́ ọn. Lẹ́yìn mílíọ̀nù 50, ẹ kò sí nínú TPS mọ́: wọn á máa wo èrè, ọ̀rọ̀ TVA yóò wọlé, kàyé ààyè mẹ́fà kò sì ní tó. Ẹ wá oníṣirò kí ọdún tó parí, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn tó ń ka owó kíóóṣì àti owó ẹbí mọ́ ọjà lè gun orí mílíọ̀nù 50 lórí ìwé láìtà á.

Ọdún mélòó ni kí n fi tọ́jú àwọn kàyé náà?

Ọdún 10, gẹ́gẹ́ bí òfin ìṣirò OHADA ti wí, pẹ̀lú àpòòwé àwọn fákítúrù. Fákítúrù tí a tẹ̀ sórí bébà kékeré tó ń dán máa ń parẹ́ láàárín oṣù díẹ̀, pàápàá bí ooru ilé ìdáná bá ń dé ibẹ̀. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ gbà á, kí ẹ sì fi báárọ̀ kọ iye àti ọjọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀.

Bí ẹ bá ń ṣí ìwé 2024 tàbí èyí tó ṣáájú, ẹ rántí pé ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2024 ni nọ́mbà fóònù ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ di 10 dípò 8, tí 01 wọ iwájú rẹ̀. Oníbàárà kan náà yóò fara hàn bí ẹni méjì nínú ìwé Mómò. Ẹ fi 01 síwájú èyí tó kúrú, wọn á bá ara wọn mu.